Ẹ Dá Aago Méje Alẹ́ fún Fídíò, Ó Jáde ní Aago Mẹ́rin Ìdájí: Bí Àkọpamọ́ àti Dídá Àkókò Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni fídíò yẹ kó jáde, aago méje, nígbà táwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti jẹun, tí kálukú ti di fóònù mú. Ẹ ti gbé e sókè láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ yan ọjọ́, ẹ yan aago. Aago méje lù, ẹ ò rí nǹkan kan. Aago mẹ́jọ náà kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ẹ rí i pé aago mẹ́rin ìdájí ló jáde, nígbà tí gbogbo ìlú ń sùn. Ti ẹlòmíràn kò tilẹ̀ jáde rárá. Ibi tó fi í sí náà ló ṣì wà, tí wọ́n kọ `Draft` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìṣòro méjì nìyẹn, wọn kò sì bára tan. Aago ló fa ti àkọ́kọ́. Ìkejì, ẹni náà rò pé òun ti dá àkókò fún iṣẹ́ òun, bẹ́ẹ̀ àkọpamọ́ lásán ló ṣe. Ìtọ́sọ́nà yìí mú méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. YouTube ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń gbé fídíò sí. A ó ya díẹ̀ sọ́dọ̀ WordPress tí àwọn kan fi ń gbé àpilẹ̀kọ sórí ìkànnì tiwọn, nítorí pé ó ní aago tirẹ̀ lọ́tọ̀.

## Ohun tí ẹ máa nílò

Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, àti fóònù kan tó ń gba aago láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ síìmù fúnra rẹ̀, kí ẹ lè fi wé e. Fídíò tí ẹ ti gé tán, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣì ń gé lọ́wọ́. Àkọlé àti àlàyé tí ẹ ti kọ síbì kan yàtọ̀ sí inú ààpù. Dátà tó tó gbé fídíò náà sókè láìdáwọ́ dúró. Bébà kékeré kan àti bírò, ẹ ó rí ìwúlò wọn ní ìpele karùn-ún.

Ẹ tún nílò òye kan ṣoṣo kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àkókò kan wà tí àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ bíi YouTube tó ń tọ́jú iṣẹ́ wa, fi ń ka ọjọ́ káàkiri ayé, UTC ni wọ́n ń pè é. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀ látìgbà òjò títí dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa kì í ti aago síwájú, a kì í fà á sẹ́yìn. Tí ẹ bá tẹ `7:00 PM`, búráúsà yín á kọ́kọ́ wo agbègbè àkókò tí kọ̀ǹpútà sọ pé òun wà, á yí aago náà sí UTC, èyí tó yí yẹn ló sì ń fi ránṣẹ́. Aago méje alẹ́ Àkúrẹ́ á di 18:00 UTC. Sáfà kò mọ Àkúrẹ́, 18:00 UTC nìkan ló gbà lọ́wọ́ yín, ìyẹn náà ni yóò sì tẹ̀ lé. Tí kọ̀ǹpútà bá ti purọ́ nípa ibi tó wà, irọ́ yẹn ni sáfà máa ṣiṣẹ́ lé lórí.

## Ìpele 1: Ẹ tún agbègbè àkókò kọ̀ǹpútà ṣe

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń ṣubú, lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló sì máa ń fà á. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń wà ní `(UTC-08:00) Pacific Time (US & Canada)`. Ẹni tó rà á á tan án, á rí i pé aago kò bá ti ọwọ́ òun mu, á sì fi ọwọ́ yí òǹkà aago náà títí yóò fi bá a mu. Ó parí síbẹ̀. Aago tó ń hàn nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ti tọ̀nà, ṣùgbọ́n agbègbè àkókò ṣì wà ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò. Ẹ tẹ aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú lóṣù Kejìlá. Kọ̀ǹpútà yín gbà pé Pacific lòun wà, tó fi wákàtí mẹ́jọ rẹ̀yìn UTC lásìkò òtútù wọn. Ó fi mẹ́jọ kún méje alẹ́, ó di aago mẹ́ta òru, UTC, mọ́jú ọjọ́ Ajé. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, nítorí náà aago mẹ́rin ìdájí ló jẹ́ ní Àkúrẹ́. Tí fídíò yín bá ń fi wákàtí mẹ́sàn-án gbáko pẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́jọ lásìkò ooru wọn, ẹ má wá ẹ̀bi lọ sọ́dọ̀ YouTube. Ẹ wo kọ̀ǹpútà.

Lórí Windows 11:

1. Ẹ ṣí `Settings`, ẹ lọ sí `Time & language`, lẹ́yìn náà `Date & time`.
2. Níbi `Time zone`, ẹ yan `(UTC+01:00) West Central Africa`. Tí àyè ibẹ̀ bá ti, tí kò jẹ́ kí ẹ yan nǹkan, ẹ pa `Set time zone automatically` ná.
3. Ẹ tan `Set time automatically`.
4. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ dátà, ẹ sì tẹ `Sync now`.

Ẹ fara balẹ̀ láàárín ìkejì sí ìkẹrin. Bí ẹ bá ṣe yí agbègbè àkókò báyìí, aago tí wọ́n ti fi ọwọ́ tò á fò síwájú ní wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lójijì. Ẹ ó rí aago mẹ́rin ìdájí níbi tó yẹ kó jẹ́ aago méje alẹ́. Níbẹ̀ lẹ̀rù ti ń ba èèyàn, tí wọ́n á sì yí i padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má yí i padà. Àtúntò ọwọ́ ọjọ́sí ló ń tú jáde yẹn. `Sync now` ló máa mú un bọ̀ sípò.

Ẹ má yan Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé aago rẹ̀ bá tiwa mu lọ́jọ́ tí ẹ wò ó. Lásìkò ooru, aago kan náà ni Lọ́ńdọ̀nù àti Àkúrẹ́ ń lò. Tó bá di ìparí oṣù Kẹwàá, tiwọn á fà sẹ́yìn ní wákàtí kan, tiwa á dúró. Bákan náà ni ẹni tó yan Bẹ̀líìnì: ní gbogbo àsìkò òtútù wọn, á bá tiwa mu, ìparí oṣù Kẹta á tú u fó. Orúkọ tó bá jẹ́ ti Áfíríkà tiwa nìkan ni kì í yẹ̀.

Lórí fóònù Android, inú `Settings` ni `Date & time` wà. Lórí àwọn fóònù kan, ẹ ó kọ́kọ́ gba `System` tàbí `General management` kọjá. Ẹ tan aago aládàáṣe àti agbègbè àkókò aládàáṣe, méjèèjì. Lórí iPhone, ẹ gba `Settings`, `General`, `Date & Time`, kí ẹ tan `Set Automatically`.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣí `Command Prompt` lórí Windows, ẹ tẹ èyí:

```
tzutil /g
```

Ìdáhùn tó tọ̀nà ni `W. Central Africa Standard Time`. Tó bá mú `Pacific Standard Time` wá, iṣẹ́ kò tíì parí, kódà bí aago ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ bá tọ̀nà. Búráúsà náà ní tirẹ̀ tí a lè bi: ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí `Console`, ẹ kọ èyí síbẹ̀:

```
Intl.DateTimeFormat().resolvedOptions().timeZone
```

`Africa/Lagos` ló yẹ kó dáhùn. Ojú tí ojú ìwé tí ẹ fẹ́ lò yóò fi wò yín gan-an nìyẹn.

Tí aago bá tọ̀nà lónìí, tí iná lọ, tí ẹ tan lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ yín lọ́la tó sì ti padà sí ọdún kan tó ti pẹ́, bátìrì kékeré tó dà bíi kọ́ìnì nínú rẹ̀ ti kú. Èyí tí wọ́n máa ń lò jù ni CR2032. Àmì rẹ̀ mìíràn ni pé àwọn ojú ìwé á kọ̀ láti ṣí, wọ́n á ní `Your connection is not private`, nígbà tí dátà yín kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Ẹ gbé e fún atúnkọ̀ǹpútàṣe kí ó pààrọ̀ bátìrì náà kí ẹ tó dá àkókò fún iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀.

## Ìpele 2: Ẹ mọ ilé tí àkọpamọ́ yín ń gbé

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ààpù ń lò, `Drafts`, ṣùgbọ́n ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àkọpamọ́ lè wà. Ó lè wà lórí sáfà, ó sì lè wà lórí fóònù yín nìkan.

Àkọpamọ́ TikTok, orí fóònù ló wà. Ti Instagram náà, orí fóònù ni. Tí ẹ bá yọ ààpù náà kúrò pé ẹ fẹ́ tún un fi sí, wọ́n ti lọ. Tí ẹ bá tẹ `Clear data` nítorí pé àyè kún, wọ́n ti lọ. Tí fóònù bá sọnù, tí ẹ sì wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín lórí òmíràn, àwọn fídíò tí ẹ ti gbé jáde máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpò àkọpamọ́ á ṣófo. Ẹni tó ní ogún fídíò nínú `Drafts` TikTok lórí fóònù kan ṣoṣo ń fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sínú ewu, ó sì yẹ kó wá nǹkan ṣe sí i lónìí.

Ti YouTube Studio yàtọ̀. Tí fídíò bá ti gòkè tán, tí ẹ pa ojú ìwé náà kí ẹ tó parí, ó máa dúró sórí sáfà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé ní Àkúrẹ́ kí ẹ parí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní Oǹdó. Ṣùgbọ́n ohun tó ti *gòkè tán* ni mo wí. Tí iná bá lọ tàbí tí dátà bá já nígbà tó ṣì wà ní ìdajì, kì í ṣe àkọpamọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, àjákù ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ohunkóhun sínú àkọpamọ́ fóònù, ẹ kọ́kọ́ fi fídíò náà pamọ́ sí gálárì, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà kan sí Google Drive tàbí sórí fíláàṣì. Ẹ kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé tàbí nínú ààpù àkọsílẹ̀. Bí ààpù bá wá ṣe tinú rẹ̀, títò ló kù fún yín, kì í ṣe yíyà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wọlé sórí ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú àkáǹtì kan náà, ẹ wá àkọpamọ́ yẹn. Tí ẹ bá rí i, orí sáfà ló wà. Tí ẹ kò bá rí i, orí fóònù yín nìkan ló wà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ohun tó lè sọnù.

## Ìpele 3: Ẹ dá àkókò náà

Àkọpamọ́ kì í jáde fúnra rẹ̀ láé. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan. Ohun tó máa jáde ni èyí tí ẹ bá dá àkókò fún tí ẹ sì *fọwọ́ sí*. Lórí kọ̀ǹpútà, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ ṣí `studio.youtube.com`, ẹ tẹ `Create`, lẹ́yìn náà `Upload videos`, kí ẹ yan fídíò yín.
2. Nínú `Details`, ẹ kọ àkọlé àti àlàyé, ẹ fi àwòrán ojú fídíò sí i. Ẹ dáhùn ìbéèrè bóyá àwọn ọmọdé ni ẹ ṣe é fún. Ẹ ò lè rékọjá ibẹ̀ láìdáhùn.
3. Ẹ gba `Video elements` àti `Checks` kọjá. Ẹ dúró díẹ̀ níbi `Checks`. Tí orin tí ẹ fi sí abẹ́ fídíò bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ibí ló ti máa kọ́kọ́ hàn, ó sì sàn kó hàn lọ́jọ́ Ẹtì ju alẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ.
4. Nínú `Visibility`, ẹ fi `Private`, `Unlisted` àti `Public` sílẹ̀. Ẹ ṣí `Schedule` tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ẹ yan ọjọ́, ẹ yan aago, ẹ sì ka agbègbè àkókò tó bá kọ síbẹ̀.
5. Ẹ tẹ bọ́tìnnì `Schedule` tó wà ní igun ìsàlẹ̀.

Ìkarùn-ún yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Èèyàn á yan ọjọ́, á yan aago, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì pa ojú ìwé náà. Títí ẹ ó fi tẹ `Schedule` ìkẹyìn, ọjọ́ àti aago tí ẹ yàn kò tíì wọlé sórí sáfà. `Draft` ni yóò jẹ́.

Aṣìṣe kejì, ìyàtọ̀ `AM` àti `PM` ni. `12:00 AM` ni ààjìn òru, `12:00 PM` ni ọ̀sán gangan. Ẹni tó fẹ́ kí fídíò jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó wá yan `12:00 AM` ọjọ́ Àbámẹ́ta, òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta ló máa jáde. Tí ọ̀rọ̀ méjìlá yìí bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ yan `12:15 PM` tàbí `11:45 AM`. Kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ má gbé fídíò sókè ní aago mẹ́fà kọjá kí ẹ dá aago méje fún un. YouTube máa ń kọ́kọ́ ṣe èyí tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó, tó bá yá ni yóò parí èyí tó mọ́ kedere. Fídíò gígùn tàbí èyí tó wúwo lè jáde lásìkò tó pé, ṣùgbọ́n kí àwọn tó kọ́kọ́ wò ó rí i bí ẹni ń wo nǹkan láti inú kùrukùru. Ọjọ́ kan ṣáájú ni kí ẹ ti gbé e sókè. Pẹ̀lú bí iná àti dátà ṣe ń ṣe níbí, ọjọ́ méjì kò pọ̀ jù.

Ohun kan tún wà tí kò kan aago rárá: tí ìkànnì yín bá wà lábẹ́ ìjìyà lọ́wọ́ YouTube fún rírú òfin rẹ̀, fídíò tí ẹ ti dá àkókò fún kò ní jáde nígbà tí ìjìyà náà ṣì ń lọ. Tó bá parí, kò ní jáde fúnra rẹ̀ náà. Ẹ̀yin lẹ máa padà lọ dá ọjọ́ tuntun fún un. Fídíò tó ti jáde sí gbangba rí pẹ̀lú kò ṣe é dá àkókò fún mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lọ sí `Content`, ẹ wo ìlà `Visibility`. `Scheduled` ló gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ náà, kì í ṣe `Draft`, kì í ṣe `Private` nìkan. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ààpù YouTube Studio lórí fóònù tó ń gba aago fúnra rẹ̀. Aago tó bá hàn níbẹ̀ fún fídíò náà gbọ́dọ̀ bá ti kọ̀ǹpútà mu. Tí kọ̀ǹpútà bá ní aago méje alẹ́, tí fóònù ní aago mẹ́rin ìdájí, fóònù ló ń sọ òótọ́. Ẹ padà sí ìpele 1. Ẹ tún ṣí líǹkì fídíò náà nínú fèrèsé `Incognito`: kò yẹ kí ó lè ṣí fún àjèjì títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé.

Tí gbogbo èyí bá ti tọ̀nà, ẹ lè pa kọ̀ǹpútà. Tí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò Alágbàká ní Àkúrẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, tí fóònù yín sì kú, fídíò á ṣì jáde ní aago méje, nítorí pé sáfà ló ń ṣe é.

## Ìpele 4: Fún ẹni tó ní ìkànnì WordPress

Níbí, kò kan bóyá aago kọ̀ǹpútà yín tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Ìkànnì náà ní agbègbè àkókò tirẹ̀, UTC+0 sì ni wọ́n sábà máa ń bá a. Tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, àpilẹ̀kọ tí ẹ dá aago méje alẹ́ fún á jáde ní aago mẹ́jọ ní Àkúrẹ́. Wákàtí kan péré ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fura.

Ẹ lọ sí `Settings`, `General`, `Timezone`. Nínú àwọn ìlú Áfíríkà, ẹ yan `Lagos`, kí ẹ tẹ `Save Changes`. Nísàlẹ̀ àpótí náà, ó máa kọ aago àgbáyé àti aago tiyín síbẹ̀. Ẹ fi èkejì wé fóònù yín.

Nígbà tí ẹ bá wá ń dá àkókò, ẹ máa wo bọ́tìnnì òkè. Tí ẹ bá yan ọjọ́ iwájú, `Publish` á yí padà di `Schedule`. Tí kò bá yí padà, ìkànnì gbà pé àkókò tí ẹ yàn ti kọjá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á jáde lójú ẹsẹ̀. `AM` àti `PM` tí ẹ fi àṣìṣe yàn ló sábà máa ń fà á, tàbí oṣù àti ọjọ́ tí ẹ yí sódì.

Tí gbogbo rẹ̀ bá tọ̀nà tí ẹ ṣì rí `Missed schedule`, àìsí àlejò ló fà á. WordPress kì í fúnra rẹ̀ jí. Nígbà tí ẹnìkan bá ṣí ìkànnì náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ kan ti tó ṣe. Ìkànnì tuntun tí ẹnì kankan kò yà sí láti aago méje di mẹ́wàá kò ní gbé nǹkan jáde láàárín ìgbà náà. Ojútùú rẹ̀ ni kí sáfà máa kàn án lára ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nínú `Cron Jobs` ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba ìkànnì yín sílé, ẹ fi èyí sí i, kí ẹ fi orúkọ ìkànnì yín rọ́pò `example.com`:

```
*/5 * * * * wget -q -O - "https://example.com/wp-cron.php?doing_wp_cron" >/dev/null 2>&1
```

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ àpilẹ̀kọ ìlà kan, ẹ dá ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i fún un, ẹ má sì ṣí ìkànnì náà rárá títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí `Posts`: `Published` ló yẹ kí ẹ bá lára rẹ̀, kì í ṣe `Missed schedule`. Ẹ wò ó kí ẹ tó pa á rẹ́.

## Ìpele 5: Tí àwọn òǹwòran yín bá wà lókè òkun

Ẹ jẹ́ ká mú ìkànnì kan tó ń ṣe fídíò oúnjẹ Oǹdó: bí wọ́n ṣe ń gún iyán tí kò ní kókó, bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tó bá a lọ. Ìdajì àwọn tó ń wò ó wà nílé níbí, àwọn tó kù wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Niú Yọ́ọ̀kì. Aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé e jáde. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aago méje kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún 2026:

- Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá: aago méje alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, aago méjì ọ̀sán ní Niú Yọ́ọ̀kì.
- Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá: aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, aago méjì ọ̀sán ní Niú Yọ́ọ̀kì.
- Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá: aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, aago kan ọ̀sán ní Niú Yọ́ọ̀kì.

Àwa kò yẹsẹ̀, tiwọn ló yí. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fa aago sẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á tì í síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta. Amẹ́ríkà á fà á sẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, wọ́n á tì í síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta. Wọn kì í jọ ṣe é lọ́jọ́ kan náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ àárín fi máa ń rú èèyàn lójú.

Nítorí náà, ẹ pinnu aago ìlú wo ni ẹ fẹ́ kó dúró. Tó bá jẹ́ pé aago méje Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ ti ṣèlérí, láti ọjọ́ 25 yẹn lọ, aago mẹ́jọ alẹ́ Àkúrẹ́ ni kí ẹ máa dá. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí òǹwòran rẹ̀ pọ̀ jù nílé fi aago Àkúrẹ́ ṣe òpó, kó sì kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀: «aago méje alẹ́ Nàìjíríà». Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn òǹwòran ń wà lórí YouTube, ẹ wo `Analytics`, `Audience`. Aago ìbílẹ̀ tiyín ni àwòrán náà fi ń hàn, nítorí náà kọ̀ǹpútà tí agbègbè àkókò rẹ̀ kò tọ́ á ṣì yín lọ́nà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti iye ìwò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àkókò Pacific ni YouTube fi ń pín ọjọ́. Ọjọ́ tuntun wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tiwa, kí ẹ má bàa rò pé fídíò alẹ́ ọjọ́ Àìkú kò rìn lọ́jọ́ Ajé.

Ewu tó tóbi jù wà níbi tí ẹni méjì bá ń bójú tó ìkànnì kan. Ká ní Táíwò ní Àkúrẹ́ dá aago méje alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Àbúrò rẹ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì ṣí Studio, ó rí `1:00 PM`. Ó fi ohùn ránṣẹ́: «Ẹ̀gbọ́n mi, aago kan ọ̀sán lẹ fi sí o, mo ti bá yín tún un ṣe sí méje.» Aago méje alẹ́ Niú Yọ́ọ̀kì ló tẹ̀ yẹn. Aago kan òru ọjọ́ Ajé ni ní Àkúrẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe nínú ohun tó rí, aago kálukú ló rí lójú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni aago kan tí àwọn méjèèjì lè jọ tọ́ka sí.

Bébà àti bírò wúlò níbí. Fún fídíò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dá àkókò fún, ẹ kọ ìlà kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì yín lórí WhatsApp:

```
Iyán Oǹdó | 2026-11-01 19:00 Àkúrẹ́ | 18:00 UTC
```

Ẹ fi ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, nítorí 01/11 jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá lójú wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ni Amẹ́ríkà máa kà á sí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnì kejì yín ṣí fídíò náà lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó kàn sọ aago tó rí. Tí aago tó rí bá dọ́gba pẹ̀lú 18:00 UTC nígbà tó bá yí i padà, ó ti dúró. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá títí wọn yóò fi ti aago síwájú lóṣù Kẹta, Niú Yọ́ọ̀kì fi wákàtí márùn-ún rẹ̀yìn UTC, nítorí náà `1:00 PM` ló yẹ kó rí. Tó bá rí `7:00 PM`, ẹnìkan ti bá yín «tún un ṣe», ẹ dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.